Ṣé Lóòótọ́ Ni Ẹni Kẹwàá Nínú Èésú Ń Pàdánù? Àlàyé Lórí Owó Òní àti Owó Ọ̀la

Ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi obìnrin, ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Aláṣọ ni, òun náà sì ni alága èésú àwọn aláṣọ mẹ́wàá kan. Kálukú ń dá ₦50,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦500,000. Iléyá ń bọ̀ lọ́nà, ọjà Ojúde Ọba sì ti ń rùn símú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ kówó ní kùtùkùtù. Inú obìnrin tó bọ́ sí nọ́ńbà kẹwàá kò dùn rárá. Ó ní, "Alága, owó mi lẹ ó máa fi tajà láti oṣù kìíní, ẹ ò sì ní fún mi ní kọ́bọ̀ lé e." Àwọn tó kù fèsì pé ₦500,000 ni kálukú máa dá, ₦500,000 náà ni kálukú máa kó, ta ló wá rẹ́ ta jẹ?

Ọmọ àbúrò mi, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ìnáwó ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wà níbẹ̀ pẹ̀lú kalikulétọ̀ rẹ̀. Ó mọ fọ́múlà tó yẹ kó yanjú ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́, àmọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í pé kí ni nọ́ńbà tó jáde yẹn ń sọ, ó dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló pè mí: "Àǹtí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmọ́ mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí." Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ipò rẹ̀ pọ̀. Èésú yẹn gan-an la máa fi ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ mélòó kan ká tó bẹ̀rẹ̀

Ojú owó ni owó tí èèyàn kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Èlé ni ohun tó gorí rẹ̀. Ìwọ̀n èlé ni iye tó ń gorí ₦100 kọ̀ọ̀kan láàárín àkókò kan. Bí a bá sọ pé 2 nínú 100 lóṣù, ₦100 máa di ₦102 lẹ́yìn oṣù kan.

Iye ọ̀la ni ohun tí owó òní máa dà ní ọjọ́ iwájú. Iye òní ni iye tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, tó fi máa di owó ọ̀la kan pàtó lọ́jọ́ tí a dá. Òun ni wọ́n ń kọ ní PV nínú ìwé. Dídá owó ọ̀la padà sí iye òní ni olùkọ́ ń pè ní dískáọ́ǹtì. Kì í ṣe ẹ̀dínwó tí oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́jà. Kò sẹ́ni tó gé owó náà kù, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ nìkan la yí padà.

Ánúítì ni owó kan náà tó ń wọlé tàbí tó ń jáde ní àárín àkókò kan náà, léraléra. ₦50,000 oṣooṣù tí àwọn aláṣọ yìí ń dá, ánúítì ni.

Ṣé nítorí ọjà tó ń wọ́n ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nìyí: owó òní ju ti ọ̀la lọ torí pé ọjà ń wọ́n. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ká tiẹ̀ ní iye aṣọ kò yí padà láti ọdún dé ọdún, ẹni tó kówó lónìí lè fi ra ìdì aṣọ kan, kó tà á, kó tún rà, kí ẹlòmíràn tó rí tirẹ̀ gbà. Owó tó wà lọ́wọ́ lè ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣì wà lọ́nà kò lè ṣe é. Ó tún lè má dé mọ́, bí ẹni tó ti kó tirẹ̀ tán bá sá lọ.

Àwọn baba wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé fọ́múlà dé. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀rọ̀ bíi sógúndogójì, ogún tó padà wá di ogójì torí pé ó pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èlé tí wọ́n ń gbà níta ti máa ń gbé gbogbo nǹkan wọ̀nyí pọ̀: ọjà tó ń wọ́n, iṣẹ́ tí owó lè ṣe, àti ewu. Nítorí náà, bí o bá ti fi irú ìwọ̀n èlé bẹ́ẹ̀ dá owó padà sí òní, má tún yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò lẹ́yìn náà. O máa yọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo la ṣe ń dá owó kan ṣoṣo padà?

Ká sọ pé ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ tí àwọn aláṣọ wọ̀nyí ń bá ṣe ń fi èlé 2 nínú 100 lóṣù yá èèyàn lówó, iye yẹn náà ló sì ń san fún ẹni tó bá fowó pa mọ́ síbẹ̀. ₦100 di ₦102 lẹ́yìn oṣù kan. Lẹ́yìn oṣù kejì, kì í ṣe ₦104, ₦104.04 ni, torí èlé oṣù kìíní náà ti bí èlé tirẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan kàn ń fi 1.02 sọ ohun tó bá nílẹ̀ di púpọ̀ ni. Bó bá pé oṣù mẹ́sàn-án, ₦100 ti di nǹkan bíi ₦119.51.

Ìrìn àjò ọ̀la nìyẹn. Láti padà wálé, ọ̀nà kan náà la máa gbà: dípò ká fi 1.02 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó fi 1.02 pín in, ẹ̀ẹ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ẹni kìíní kó ₦500,000 lónìí, ọjọ́ tí wọ́n dá owó àkọ́kọ́. Ẹni kẹwàá máa kó tirẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, kì í ṣe mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí i, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Ká fi 1.02 pín nǹkan lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kò yàtọ̀ sí ká fi 1.19509 pín in lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fi 1.19509 pín ₦500,000, a ó rí ₦418,378. Bí wọ́n bá gbé ₦418,378 fún un lónìí, tó sì kó o sínú ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ náà láìfọwọ́ kàn án, ₦500,000 ló máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èésú ì bá kàn án. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ nìyẹn. Àwọn méjèèjì bá ara wọn dọ́gba lójú ẹni tó lè rí 2 nínú 100 lóṣù.

Àmọ́ kò tíì yẹ ká sọ pé ó pàdánù ₦81,622, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ₦500,000 àti ₦418,378. Ohun tó ń dá náà kò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́wàá ló fi ń jáde. Èyí tó máa dá ní oṣù tó kẹ́yìn fúyẹ́ ju ti òní lọ. A gbọ́dọ̀ dá ìyẹn náà padà sí òní kí a tó fi ọ̀kan wé èkejì.

Igi góòrò kan ní Rẹ́mọ

A lè dá owó mẹ́wàá padà lọ́kọ̀ọ̀kan ká sì rò ó pọ̀. Kò sóhun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́múlà ánúítì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì mọ ibi tí fọ́múlà yẹn ti wá kò ní há a sórí mọ́.

Rò ó bí igi góòrò tó wà lóko ẹnìkan lẹ́yìn Ṣàgámù. Ó ń so lásìkò rẹ̀, wọ́n ń ká a lọ tà, igi ṣì dúró. Bí igi yẹn kò bá ní kú láéláé, èlòó ló yẹ kéèyàn rà á? Ká ní èso rẹ̀ ń mú ₦50,000 wá ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan. Ojú owó wo ló máa bí ₦50,000 lóṣù, ní 2 nínú 100, láìjẹ́ pé ojú owó náà dín kù? ₦2,500,000 ni. ₦50,000 tí a fi 0.02 pín. Iye òní owó tí kò lópin nìyẹn, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé ohun tí kò lópin ní iye tó lópin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí ìwọ̀fà ṣe rí láyé àtijọ́ kò ní yanu. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó, èlé ni. Ojú owó kò dín kù títí tí wọ́n fi san án pé. Gbèsè kékeré lè gba iṣẹ́ tí kò lópin.

Ní báyìí, ká ní kì í ṣe títí láé lo fẹ́ ká góòrò yìí, ìkórè mẹ́wàá péré lo fẹ́, lẹ́yìn náà igi di ti ẹlòmíràn. Kí ló yẹ kó o san? Iye igi lónìí, kí a yọ iye igi náà ní ọjọ́ tó máa kúrò lọ́wọ́ rẹ, tí a ti dá padà sí òní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, igi ṣì jẹ́ ₦2,500,000. Fi 1.02 pín in lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó di ₦2,050,871. Yọ ọ́ kúrò nínú ₦2,500,000, ó ku ₦449,129. Ìkórè mẹ́wàá yẹn ni iye òní rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́múlà ánúítì tó wà nínú gbogbo ìwé kò ju èyí lọ: igi tí o gbà lónìí, yọ igi tí o máa dá padà.

Bí ẹnì kan bá fẹ̀yìn tì, tó wá gbọ́ pé òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fún òun láyè láti fi owó òun ra ánúítì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ìrò kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà kò mọ iye ìkórè tó máa san, torí títí ẹni náà fi máa kú ni. Iye ọdún tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń lò láyé ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má ṣe lo fọ́múlà inú ìwé fún un bí ẹni pé ọjọ́ ikú wà nínú ìbéèrè.

Kí ló wá dé tí ìdáhùn ọmọ yìí kò bá ti èésú mu?

₦449,129 ni ọmọ àbúrò mi rí lórí kalikulétọ̀ rẹ̀. Ìṣirò náà péye, àmọ́ kì í ṣe ti èésú yìí. Òpin oṣù ni ìkórè igi wa ń dé. Àwọn aláṣọ kò dúró di òpin oṣù, ọjọ́ tí èésú bẹ̀rẹ̀ gan-an ni wọ́n dá ₦50,000 àkọ́kọ́. Gbogbo ìdáwó wọn fi oṣù kan ṣáájú. Nítorí náà, a ó fi 1.02 sọ ₦449,129 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan: ₦458,112. Owó ilé àti owó ṣọ́ọ̀bù tí à ń san kí a tó wọlé náà ń rí báyìí, síbẹ̀ òpin àkókò ni kalikulétọ̀ àti kọ̀ǹpútà máa ń rò bí a kò bá sọ fún un. Nínú tábìlì ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, 1 tó wà ní ìparí ló ń sọ fún un pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni:

```
=PV(0.02,10,-50000,0,1)
```

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé òun ti ṣìṣe bí kò bá sẹ́ni tó sọ fún un? Èésú fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́rìí. Kò sí owó tó wọ inú èésú láti ìta, kò sì sí èyí tó jáde. Ohun tí ẹnìkan bá jẹ lérè, ara ẹlòmíràn ló ti jáde. Bí o bá ro èrè àti àdánù àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, òfo ló yẹ kó jẹ́. Pẹ̀lú ₦449,129, gbogbo wọn lápapọ̀ á jèrè tó sún mọ́ ₦90,000 láti ibi tí kò sí owó. Bí ìṣirò bá ń bí owó fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan ti ṣì nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo máa ń rí ni ti oṣù àti ọdún. 2 nínú 100 lóṣù kì í ṣe 24 nínú 100 lọ́dún bí èlé bá ń bí èlé. Bó bá pé oṣù méjìlá, ₦100 á ti di ₦126.82. Bí ìdáwó bá jẹ́ ti oṣù, èlé ti oṣù ni kó o lò fún un.

Ta ló wá ń jèrè?

Báyìí la tó lè dáhùn. Ohun tí kálukú ń dá tó ₦458,112 lónìí. Ẹni kìíní kó ₦500,000, ó fi ₦41,888 jèrè. Ẹni karùn-ún kó ohun tó jẹ́ ₦461,923 lónìí, èrè tirẹ̀ kò ju ₦3,811 lọ. Ti ẹni kẹfà jẹ́ ₦452,865, òun ni àdánù bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, pẹ̀lú ₦5,247. Ẹni kẹwàá kó ₦418,378, ó pàdánù ₦39,734.

Ìyẹn ni pé àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ń yáwó, àwọn márùn-ún tó kẹ́yìn ń yáni lówó, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní gbèsè. Obìnrin tó bínú yẹn rí òótọ́. Àwọn tó dá a lóhùn náà kò purọ́ lórí iye owó, ọjọ́ tó wà lára owó ni wọn ò kà.

Alága ní ọgbọ́n kan tó ti ń dá: bí èésú bá parí, kí wọ́n yí i po, kí ẹni kẹwàá di ẹni kìíní nínú èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹni kìíní sì di ẹni kẹwàá. Ó dára, mo sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò pa àdánù náà rẹ́ tán. Oṣù mẹ́wàá ni yóò fi dúró kí èrè tirẹ̀ tó dé, nítorí náà ₦41,888 ìgbà kejì kò ju ₦34,363 lọ lónìí. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦39,734, ó ṣì ku ₦5,371 tó pàdánù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó ní ìgbà àkọ́kọ́ náà ṣì fi ₦9,292 ṣáájú. Ìyípo yẹn dín ìjà kù púpọ̀, ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan tí ọ̀rẹ́ fi ń tú ká.

Ìwọ̀n èlé ta ni?

Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè dúró lórí 2 nínú 100. Kò sí òfin tó sọ pé iye yẹn ni. Ohun tí owó ẹni ì bá ṣe ká ní ó wà lọ́wọ́ ẹni náà ló yẹ ká lò. Fún aláṣọ tí owó rẹ̀ ń mú 5 nínú 100 wá lóṣù, nọ́ńbà kẹwàá burú gan-an: ₦500,000 tí yóò kó kò ju ₦322,304 lọ lónìí, ohun tó ń dá sì jẹ́ ₦405,391. Ó ti pàdánù ₦83,087. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà níwájú, pàápàá bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó tiẹ̀ lè fi nǹkan díẹ̀ lé owó fún ẹni tó bá gbà láti bá a pààrọ̀ nọ́ńbà, kí àwọn méjèèjì sì jèrè.

Ẹnìkan sì wà nínú wọn, ìyá àgbà kan tó ń ta àdìrẹ, tó máa ń fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú àpótí ló ń wà, kì í bí nǹkan kan. Ìwọ̀n èlé tirẹ̀ jẹ́ òfo. Bí a bá fi òfo dá owó padà, ₦500,000 kẹwàá jẹ́ ₦500,000, ìdáwó rẹ̀ náà jẹ́ ₦500,000, kò pàdánù kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó bẹ̀rù ni kí ẹni tó ti kó sá lọ. Òun nìyẹn ni mo sọ fún ọmọ àbúrò mi pé kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń bínú àti ìyá aládìrẹ pààrọ̀ nọ́ńbà.